Ọjọ́ kìíní ọdún kọ́ lowó oṣù ń wọlé

*Kọ́ọ̀sì orí ẹ̀rọ ayélujára ni mò ń tà, lórí bí a ṣe ń fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ owó okòwò. ₦45,000 ni. Lọ́jọ́ kìíní Jánúárì tó kọjá, mo dín in sí ìdajì fún ọjọ́ méje. Èèyàn 410 ló kọ̀wé sí mi lórí Wáàsáàpù, ọ̀pọ̀ wọn ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ lọ́dún tuntun. Mẹ́sàn-án péré ló sanwó, mẹ́ta ló sì kọ́ ọ parí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe ní Jánúárì tó ń bọ̀?*

Àwọn èèyàn 410 yẹn kò purọ́ fún yín. Wọ́n fẹ́ ẹ̀kọ́ náà lóòótọ́, àmọ́ ìgbà tí àpò wọn gbẹ jù lọ lẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ wo bí owó ṣe ń rìn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù nílùú wa. Owó Dìsẹ́ńbà sábà máa ń wọlé ṣáájú Kérésìmesì, kí òṣìṣẹ́ lè rí nǹkan fi ṣọdún. Nínú owó kan náà yẹn ni oúnjẹ ọdún ti ń jáde, àti aṣọ ọmọ, àti owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà, ilé ìwé á wọlé fún sáà kejì, owó ilé ìwé á sì dé. Owó oṣù mìíràn kò ní wọlé títí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn Jánúárì, nítorí náà ó lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko láàárín owó oṣù méjèèjì. Ọjọ́ keje lẹ̀yin ti ti ilẹ̀kùn.

Ìfẹ́ ọdún tuntun náà kì í ṣe ẹ̀tàn. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Hengchen Dai, Katherine Milkman àti Jason Riis, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé àwọn èèyàn máa ń lọ síbi eré ìmárale ju ti àtẹ̀yìnwá lọ bí ọ̀sẹ̀, oṣù tàbí ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọlọ́jà gbọ́dọ̀ mú níbẹ̀ ni pé ìtara náà máa ń rọlẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ìfẹ́ dé lọ́jọ́ kìíní, owó máa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 25. Iṣẹ́ yín ní Jánúárì ni kí ẹ fún ìfẹ́ yẹn ní iṣẹ́ kékeré ṣe títí owó á fi dé, kó má baà kú síbi tó ti ń dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó kúrò lọ́nà, torí òun ló gba owó lọ́wọ́ yín jù. Ẹni tí kò ní ₦45,000 lọ́jọ́ kẹta Jánúárì, kò dájú pé ó ní ₦22,500. Ẹni tó ní in sì lè san gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ́ Paystack lẹ fi ń gbowó, 1.5% àti ₦100 ni wọ́n ń yọ lórí owó tí wọ́n bá san láti inú Nàìjíríà, kò sì ní ju ₦2,000 lọ. Lórí ₦45,000, ₦775 ni wọ́n á yọ, á ku ₦44,225. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ná yín ní ₦8,000, ìyẹn owó ìpolówó, dátà àti owó ẹni tó ń bá yín yẹ iṣẹ́ wò. Ohun tó kù sọ́wọ́ yín ni ₦36,225. Ẹ wá ṣe é lórí ₦22,500: ₦437.50 lọ, ₦8,000 tún lọ, torí akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹ́dínwó kì í béèrè ìbéèrè ìdajì. ₦14,062.50 ló kù. Àwọn mẹ́sàn-án tó sanwó mú nǹkan bí ₦126,500 wá. Ẹni mẹ́rin péré tó bá san ojúlówó owó á mú ₦144,900 wá. Ìdajì owó lẹ gé, àmọ́ ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èrè yín tó bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ fi iye owó náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó yẹ kó kéré ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́.

Láàárín ọjọ́ 27 Dìsẹ́ńbà sí ọjọ́ kẹta Jánúárì, ẹ má ta nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù kan ni kí ẹ fi síta, ìbéèrè márùn-ún ni kó wà nínú rẹ̀: iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe báyìí, iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ máa ṣe, wákàtí mélòó lẹ ní lọ́sẹ̀, ṣé kọ̀ǹpútà wà lọ́wọ́ yín àbí fóònù nìkan, ọjọ́ wo lowó máa ń wọlé fún yín lóṣù. Ìbéèrè kẹrin yẹn ṣe kókó ju bó ṣe rí lọ. Excel orí fóònù ṣeé fi tẹ nọ́ńbà àti ìṣirò kéékèèké, àmọ́ iṣẹ́ tó wúwo, irú bíi PivotTable, ń fẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà tó sì sanwó, àfàìmọ̀ kó má dúró lọ́nà ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Kí ẹ tètè sọ fún un ni ó dáa. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú pé ẹ ó máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ yìí ránṣẹ́ sí i, kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, torí òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò fẹ́ kí a gba ìsọfúnni ẹnìkan fún ohun kan ká wá lò ó fún òmíràn.

Ibí yìí ni mo fura pé ọ̀pọ̀ nínú 410 yẹn ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ burọ́díkáàsì Wáàsáàpù lẹ fi ń ránṣẹ́ sí wọn, ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ló ń rí i gbà. Àwọn tó ti orí ìpolówó kọ̀wé sí yín kì í sábà fi nọ́ńbà pamọ́. Burọ́díkáàsì kan kì í sì gbà ju èèyàn 256 lọ, nítorí náà 410 kò lè wọ inú ẹyọ kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ wọ Info, kí ẹ ka iye orúkọ tó wà lábẹ́ Read by àti Delivered to pọ̀. Tó bá jẹ́ 90 lẹ rí nínú 256, ẹ ti mọ ibi tí omi ti ń jò. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: bí ẹnìkan bá ti parí fọ́ọ̀mù, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún un ni pé kó fi nọ́ńbà yín pamọ́, kó sì fèsì "mo ti ṣe é", kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò fèsì, ẹ kọ̀wé sí i lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Kí ẹ wá pín wọn sí méjì: àwọn tó fẹ́ túbọ̀ mọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, àti àwọn tó fẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ ó rí ohun tí a fẹ́ fi ìpínyà yìí ṣe láìpẹ́.

Ní Mọ́ńdè tí iṣẹ́ bá wọlé padà, ẹ fún àwọn méjèèjì ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan náà. Kó má jẹ́ wákàtí méjì ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fídíò, torí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kò tíì mọ̀ bóyá òun lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ fún wọn ní fáìlì kan tí ọjà ṣọ́ọ̀bù kan fún ọ̀sẹ̀ kan wà nínú rẹ̀, ìlà 30, kí owó wà ní òpó D. Ẹ sọ fún wọn pé ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní òun ka owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ òun, ₦214,500 ló pé, àmọ́ ₦194,000 ni Excel ń sọ. Níbo ni ₦20,500 wọlé sí? Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní ìlà mẹ́ta yìí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú àlàfo òfìfo:

```
=SUM(D2:D31)
=COUNT(D2:D31)
=COUNTA(D2:D31)
```

Èkíní á mú 194000 wá, èkejì 28, ẹ̀kẹta 30. COUNTA ń ka gbogbo àlàfo tí nǹkan wà nínú rẹ̀, COUNT ń ka èyí tó jẹ́ nọ́ńbà nìkan. Àlàfo méjì wà, nígbà náà, tí ojú rí bíi nọ́ńbà àmọ́ tí Excel kò kà sí nọ́ńbà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wo òpó D dáadáa, á rí i pé àwọn nọ́ńbà tó kù sún mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, àmọ́ méjì kan dúró sọ́wọ́ òsì: N12,000 àti N8,500. Ẹni tó tẹ̀ wọ́n ló fi lẹ́tà N síwájú. Kó pa N náà rẹ́, kó fi 12000 àti 8500 sílẹ̀, ₦214,500 á sì yọ.

Ìṣẹ́jú 20 ni iṣẹ́ yìí. Irú àṣìṣe tó ń da ìwé owó ṣọ́ọ̀bù rú gan-an ni, ẹni tó bá sì ti rí i fúnra rẹ̀ kò tún nílò ìpolówó láti gbà pé òun lè kọ́ ọ. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán ojú ẹ̀rọ wọn ránṣẹ́, kí ẹ sì fèsì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìlà kan tó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fún wọn ní ìkejì tó le díẹ̀. Orúkọ àwọn tó bá ṣe méjèèjì ni ojúlówó àkójọ yín. Wọ́n lè jẹ́ 50 tàbí 60 nínú 410, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ fún ọ̀nà méjèèjì kò gbọdọ̀ jọra. Ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i, àkókò ló ń rò. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, pé ìròyìn owó ìparí oṣù tó ń gbà á ní ọjọ́ méjì á di iṣẹ́ òwúrọ̀ kan. Bẹ́ ẹ bá ti fi hàn án bó ṣe rí, ó tán.

Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba sùúrù, torí nǹkan tó pọ̀ ju ₦45,000 ló fẹ́ fi sílẹ̀. Olùkọ́ ni, tàbí òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n dá dúró, tàbí ẹni tó ń ta kírédíìtì fóònù. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló máa gba òun síṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé "Di akáńtáǹtì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ", ẹ ti tàn án jẹ. Ìdánwò ICAN tàbí ANAN ló ń sọ èèyàn di akáńtáǹtì tí òfin mọ̀ ní Nàìjíríà, kì í ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sì ka irú ọ̀rọ̀ tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Bákan náà ni kíkọ "₦90,000 tẹ́lẹ̀, ₦45,000 báyìí" nígbà tí kò sígbà kankan tẹ́ ẹ tà á ní ₦90,000.

Ẹ kọ ọ́ báyìí dípò rẹ̀: "Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ ó lè ṣe ìwé owó oṣù mẹ́ta fún ṣọ́ọ̀bù kan: ọjà tó wọlé, owó tó jáde, gbèsè tó wà níta, àti èrè. Ẹ ó ní fáìlì mẹ́ta tẹ́ ẹ fúnra yín ṣe, tẹ́ ẹ lè ṣí níwájú ẹni tó fẹ́ gbà yín. Iṣẹ́ akọ̀wé owó, olùtọ́jú ọjà ilé ìtajà àti olùrànlọ́wọ́ ní ọ́fíìsì owó ni èyí lè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò rọ́pò ìdánwò akáńtáǹtì. Ẹ máa nílò kọ̀ǹpútà àti wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹ má tíì fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ nítorí rẹ̀."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn máa ń ba àwọn tó ń tajà lẹ́rù. Èmi gbà pé òun ló ń mú ẹni tó ní ìdílé lẹ́yìn fọkàn tán yín. Ó tún ń dín iye àwọn tó máa padà wá gba owó wọn kù, torí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n rà.

Ọjọ́ 24 Jánúárì ni kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ méjèèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, fún ọjọ́ méjì, kí àwọn tó kù tó gbọ́. Ìdáhùn ìbéèrè karùn-ún nínú fọ́ọ̀mù ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ máa rán ẹnì kọ̀ọ̀kan létí: ẹni tó ní ọjọ́ 28 lowó òun ń wọlé, ọjọ́ 28 ni kó gbọ́ ohùn yín. Owó oṣù àwọn mìíràn sì máa ń pẹ́ wọ Fẹ́búárì. Ẹ kéde ọjọ́ karùn-ún Fẹ́búárì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìparí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Èyí dáa ju kí ẹ pariwo "òní ló parí" lọ́jọ́ 31, kí ẹ wá sún un síwájú lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ti rí irú ìyẹn lọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan kò ní kánjú mọ́ láyé.

Dípò ẹ̀dínwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n san díẹ̀díẹ̀: ₦20,000 ní ìparí Jánúárì, ₦15,000 ní ìparí Fẹ́búárì, ₦10,000 ní ìparí Máàṣì. Owó tí Paystack máa yọ á jẹ́ ₦400, ₦325 àti ₦250, àpapọ̀ rẹ̀ ₦975. ₦200 péré ló fi ju ti àsanpọ̀ lọ. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ẹnìkan san ti àkọ́kọ́ kó má san èyí tó kù mọ́. Ìdí nìyẹn tí ti àkọ́kọ́ fi pọ̀ jù, tí ẹ ó sì máa ṣí ẹ̀kọ́ ní ìpele, kí ìpele kejì má ṣí àfi tí owó rẹ̀ bá wọlé. Bí kọ́ọ̀sì yín bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì Fẹ́búárì, owó kẹta á dé kí ìpele tó kẹ́yìn tó ṣí. Fún ẹni tó bá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìjíròrò lórí ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ kún un, fún ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́. Àsìkò yín lẹ fi ń san ìyẹn, kò sì ba iye owó kọ́ọ̀sì yín jẹ́ lójú àwọn tó rà á ní Nòfẹ́ńbà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó fún ìpolówó lórí Facebook tàbí Instagram, ìparí Dìsẹ́ńbà àti ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì ni kí ẹ ná an, kí ẹ fi wá ẹni tó máa kún fọ́ọ̀mù. Ẹ má ní kí ó wá ẹni tó máa rajà. Ẹ̀rọ wọn ń fẹ́ nǹkan bí àbájáde 50 láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ ń wá. Owó kékeré kò lè mú oníbàárà 50 wá lọ́sẹ̀, àmọ́ ó lè mú fọ́ọ̀mù 50 wá.

Ó ku àwọn mẹ́fà tó sanwó tí wọn kò parí, ọ̀rọ̀ wọn ló sì dùn mí jù, torí àwọn ló yẹ kó máa bá yín polówó lọ́dún yìí. Bó bá jẹ́ pé gbogbo fídíò lẹ ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó, tí kò sí ọjọ́ tí a ń retí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo mọ bó ṣe lọ: wọ́n wo méjì, iná lọ, dátà tán, wọ́n ní ó di Sátidé. Ìtara ọdún tuntun kì í dúró de Sátidé mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọlé sọ́wọ́ yín láàárín wákàtí 48, kó kéré débi pé fóònù tó fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan kí ó máa ṣí ní Mọ́ńdè, iṣẹ́ rẹ̀ kí ó máa wọlé ní Sọ́ńdè. Fídíò kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, kí ẹ sì gbé e sí 480p kó má baà jẹ dátà. Àmọ́ nínú fídíò Excel, lẹ́tà kéékèèké máa ń ṣú ní 480p, nítorí náà ẹ fa ojú ìwé náà tóbi dé 150% kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá wọlé ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ pè é lórí fóònù. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú á ti máa tì í láti gbé ìpè yín.

Ẹ fi ètò ìdápadà owó síbẹ̀ pẹ̀lú, kó hàn kedere: láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́, fún ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wá rí i pé kò bá òun mu.

Kí ẹ tó kan Dìsẹ́ńbà, ẹ pe àwọn mẹ́fà yẹn. Ẹ má tà wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé fídíò wo ni wọ́n wò kẹ́yìn, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mẹ́rin nínú wọn bá dárúkọ fídíò kan náà, fídíò yẹn lẹ máa tún gbà sílẹ̀ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù síta. Bí wọ́n bá sì ní kọ̀ǹpútà ni kò sí, ẹ ṣí ìpele àkọ́kọ́ fún wọn padà ní Fẹ́búárì láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n bá àwọn tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.